Ìgbóná Ni À Ń Wá, Púrẹ́ṣọ̀ Ló Ń Bá Wa Dì Í Mú

Sí Ìgbìmọ̀ Alákòóso Ilé Ìwòsàn Wa,

Ìwé tí ẹ kọ sí ẹ̀ka iṣẹ́ ẹ̀rọ lẹ́yìn ìpàdé yín ti dé ọwọ́ mi. Ẹ ní rọ́bà tó yí ilẹ̀kùn ọ́tókíléèfù wa ká ti gbó, oru ń jò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ náà kò sì lè di púrẹ́ṣọ̀ mú mọ́. Ẹ ní rọ́bà tuntun wọ́n, dísẹ́ẹ̀lì tí a fi ń se omi rẹ̀ náà kò sì rọjú. Ẹ wá béèrè pé: ṣé a kò lè jẹ́ kí oru omi máa gba inú ẹ̀rọ náà kọjá bẹ́ẹ̀, láìsí púrẹ́ṣọ̀, kí a kàn fi kún àsìkò rẹ̀, kí ìṣẹ́jú 15 di wákàtí kan? Ẹnì kan nínú yín tún fi kún un pé púrẹ́ṣọ̀ fúnra rẹ̀ léwu, pé bóyá ó sàn kí a bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá.

Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Púpọ̀ nínú yín jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ mi. Agbẹjọ́rò wà nínú yín, oníṣirò owó wà, oníṣòwò náà wà. N kò retí pé kí ẹ mọ ohun tó ń lọ nínú irin tí a tì pa. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ni owó wà, ìfọwọ́sí yín ni ẹ̀rọ yìí ń dúró dè. Nítorí náà, n kò ní sọ fún yín pé bí àwọn baba wa ti ń ṣe é nìyẹn kí n sì dákẹ́. Màá ṣàlàyé ìdí rẹ̀, kí ó lè yé yín débi tí ẹ̀yin náà yóò fi lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó bá tún béèrè nígbà tí n kò bá sí níbí mọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí omi híhó. Omi tí a gbé kaná nínú ìkòkò tí a ṣí sílẹ̀ kì í gbóná ju 100°C lọ. Bí ẹ bá koná mọ́ ọn títí ilẹ̀ fi ṣú, kíá ni yóò gbẹ, ṣùgbọ́n kò ní gbóná jù bẹ́ẹ̀. Ìdí ni pé afẹ́fẹ́ tó wà lórí ilẹ̀ ayé ń tẹ ojú omi náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú agbára tó sún mọ́ pọ́n-ùn 15 lórí gbogbo ínṣì kan níbùú lóròó. Ìgbà tí oru tí ń bẹ nínú omi bá ní agbára tó lè ta ko ìtẹ̀ yẹn ni omi ń hó. Láti ìgbà náà, gbogbo iná tí a bá tún dá sí i, sísọ omi di oru nìkan ni yóò máa bá lọ.

Bí a bá fẹ́ kí ó gbóná jù bẹ́ẹ̀, àfi kí a fi kún ohun tí ń tẹ̀ ẹ́. Ohun tí ilẹ̀kùn ọ́tókíléèfù àti rọ́bà rẹ̀ wà fún nìyẹn. A ti oru mọ́ inú irin, kò ríbi sá sí, òun fúnra rẹ̀ wá ń tẹ omi tó ti jáde wá. Nígbà tí géèjì bá fi pọ́n-ùn 15 hàn lórí ti afẹ́fẹ́ ìta, oru náà ti dé 121°C. Nígbà tó bá fi 30 hàn, ó ti dé nǹkan bí 134°C. Ẹnikẹ́ni tó bá ti se bókótó nínú ìkòkò onípúrẹ́ṣọ̀ ti rí iṣẹ́ yìí: ẹsẹ̀ màlúù tí ìkòkò lásán ń sè ní ìdajì ọjọ́, kì í pẹ́ rọ̀ níbẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni gbogbo lẹ́tà yìí dá lé: púrẹ́ṣọ̀ kọ́ ló ń pa kòkòrò àrùn. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń gbé ní ìsàlẹ̀ òkun níbi tí ìtẹ̀ omi ti pọ̀ ju ti ẹ̀rọ wa lọ fíìfíì, ara sì dẹ̀ wọ́n. Ìgbóná pẹ̀lú ọ̀rinrin ló ń pa wọ́n. Iṣẹ́ púrẹ́ṣọ̀ ni láti jẹ́ kí oru gbóná dé ibi tí iṣẹ́ yẹn ti lè ṣeé ṣe, kí ó sì mú un dúró síbẹ̀.

Ẹ lè sọ pé 100°C ti gbóná tó. Ta ló lè ti ọwọ́ bọ omi híhó? Òótọ́ ni pé omi híhó ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó ní ibi ìsádi. Kòkòrò tí ń fa tẹ́tánọ́ọ̀sì, èyí tí ń gbé nínú ilẹ̀ àti nínú ìgbẹ́ ẹran, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Èyí tí ń mú kí ẹran ara jẹrà kí gáàsì sì kún inú rẹ̀ lẹ́yìn ọgbẹ́ náà jẹ́ ọ̀kan. Nígbà tí nǹkan bá le fún wọn, wọn a fún omi inú ara wọn dà nù, wọn a fi èèpo líle bo kókó ara wọn ní ìpele ìpele, wọn a sì sùn. Sípọ́ọ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Sípọ́ọ̀ kì í jẹun, kì í bímọ, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ tí àlùmọ́gàjí oníṣẹ́ abẹ bá gbé e dé inú ẹran ara tó jìn, tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí afẹ́fẹ́ kò dé, ọjọ́ náà ni yóò jí.

Kì í ṣe òní ni wọ́n ti mọ̀ pé omi híhó kò ká sípọ́ọ̀. Ní 1877, John Tyndall, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, rí i pé omi tí òun fi rẹ koríko gbígbẹ ṣì ń bàjẹ́ lẹ́yìn tí òun ti sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ó wá ọgbọ́n kan dá: ó ń sè é díẹ̀ lónìí, ó ń sè é díẹ̀ lọ́la, ó tún ń sè é lọ́túnla. Láàárín ọjọ́ kan sí èkejì, sípọ́ọ̀ tó kù ń jí nínú omi náà, omi híhó tó tẹ̀ lé e sì ń pa á kí ó tó tún sùn. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí pé ó lè wá sí yín lọ́kàn pé ọ̀nà tí a lè gbà láìsí púrẹ́ṣọ̀ nìyẹn. Kò lè ṣiṣẹ́ fún wa. Oúnjẹ tó wà nínú omi koríko ló mú kí sípọ́ọ̀ Tyndall jí. Lórí irin tí a ti fọ̀ mọ́, kò sí oúnjẹ; sípọ́ọ̀ kò ní jí, ó kàn máa sùn kọjá ìsè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni. Ní 1879, Charles Chamberland, tó ń bá Louis Pasteur ṣiṣẹ́ ní Párísì, ṣe ọ́tókíléèfù, ó fi púrẹ́ṣọ̀ gbé ìgbóná oru kọjá 100°C, ọ̀rọ̀ náà sì yanjú.

Ẹ jẹ́ kí n wá gbé ìbéèrè yín sórí òṣùwọ̀n, nítorí ẹ̀yin oníṣirò wà níbẹ̀. Sípọ́ọ̀ tí gbogbo ayé fi ń dán ọ́tókíléèfù wò jẹ́ ti kòkòrò kan tí ń jẹ́ Geobacillus stearothermophilus. Wọ́n yàn án nítorí pé ó lágídí ju èyí tí ń ṣe wá léṣe lọ. Ohun tó bá pa á ti pa àwọn yòókù. Ní 121°C, nǹkan bí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ sí méjì ni ó gbà láti pa mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá rẹ̀. Iye àsìkò bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì yóò pa mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá èyí tó kù, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì máa lọ. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi ka ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, tí a fi ń ka 15 ó kéré tán, tí a sì ń fi kún un fún ẹrù tí a fi aṣọ dì.

Ìlànà tó wà nídìí ìgbóná àti àsìkò fún sípọ́ọ̀ yìí ni pé, bí ìgbóná bá fi bí 10°C dín, àsìkò tí iṣẹ́ kan náà yóò gbà á di ìlọ́po mẹ́wàá. Ìṣẹ́jú 15 ní 121°C á di ìṣẹ́jú 150 ní 111°C. Ní 101°C, ó di ìṣẹ́jú 1,500, èyí tí í ṣe wákàtí 25. Oru tí ẹ fẹ́ kí ó máa kọjá láìsí púrẹ́ṣọ̀ kò tilẹ̀ tó 101°C. Ẹ wá wò ó: wákàtí kan tí ẹ dá lábàá níbẹ̀ kò ní ṣe ju iṣẹ́ tí ìgbóná 121°C ń parí láàárín nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú kan. Kò ní pa ju nǹkan bí ìdajì àwọn sípọ́ọ̀ náà lọ. Bí a bá sì ní kí a fi àsìkò san gbèsè púrẹ́ṣọ̀ tí kò sí, a ó máa fi dísẹ́ẹ̀lì se omi láti àárọ̀ òní títí ọ̀la yóò fi mọ́ kí a tó parí ẹrù ẹyọ kan. Owó rọ́bà tí ẹ ń sá fún, inú táǹkì dísẹ́ẹ̀lì ni yóò gbà lọ láìpẹ́ rárá. Ìṣirò ni mo fi ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú wákàtí 25 yẹn bí ìlànà iṣẹ́.

Ẹlòmíràn lè ní: bó bá jẹ́ ìgbóná ni à ń wá, kí ló dé tí a kò kó àwọn irin náà sínú ààrò oníná, tí kò nílò púrẹ́ṣọ̀? A lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún irin díẹ̀, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbẹ nílò 160°C fún wákàtí méjì kí ó tó ṣe iṣẹ́ yìí, aṣọ àti rọ́bà inú ẹrù kò sì ní gbà á. Agbára oru wà nínú pé ó ń padà di omi. Kílógíráàmù kan oru ní 121°C, nígbà tó bá kan irin tútù tó sì di omi lára rẹ̀, ń tú ìgbóná tó tó kílójúùlù 2,200 sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Omi gbígbóná tó wọ̀n bákan náà, bí ó bá tutù láti 121°C sí 100°C, kò ju nǹkan bí 90 lọ. Lẹ́yìn náà, oru tó di omi ti sún kì, àyè tó fi sílẹ̀ á sì fa oru mìíràn wọlé sínú ìdì aṣọ, títí ìgbóná yóò fi dé àárín gbùngbùn rẹ̀. Nítorí náà, oru tó pọ́n, tó ṣì ní ọ̀rinrin rẹ̀ nínú, tí púrẹ́ṣọ̀ sì dì mú ní 121°C, ni à ń fẹ́. Kò sí èyí tí a lè yọ kúrò níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé bí ẹ bá ka ìwé dé ibi tí mo dé yìí, ẹ lè fọwọ́ sí rọ́bà tuntun kí ẹ sì rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ó kù díẹ̀ kí ó tán. Ibi tí ọ̀rọ̀ púrẹ́ṣọ̀ ti ń tan ènìyàn jẹ jù ni mo ń bọ̀ wá yìí.

Nígbà tí a bá ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ, afẹ́fẹ́ ló kún inú rẹ̀. Oru ń wọlé láti òkè, ó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, ó sì ń ti afẹ́fẹ́ jáde láti ìsàlẹ̀, gba inú páìpù kékeré kan tó ní ẹ̀rọ ìdánu tirẹ̀. Ẹ̀rọ ìdánu yìí máa ń ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ àti omi, ó sì máa ń pa dé nígbà tí oru gbígbóná bá kàn án. Bí òwú tó ń já lára aṣọ bá dí i, afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà jáde. Géèjì kò mọ ìyàtọ̀ láàárín afẹ́fẹ́ àti oru: ohun tó bá tẹ̀ ẹ́ ni yóò kà.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹrù kan. Aṣọ iṣẹ́ abẹ ni, nọ́ọ̀sì dì í le, ó kó wọn jọ fún gbágbá, ẹ̀rọ ìdánu sì ti dí. Ìdajì afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú ẹ̀rọ. Géèjì fi 15 hàn. Bí a bá fi nǹkan bí 15 ti afẹ́fẹ́ ayé kún un, gbogbo ìtẹ̀ inú ẹ̀rọ jẹ́ 30. Nínú 30 yìí, afẹ́fẹ́ tó kù ló ni bí méje ààbọ̀. Oru ló ni 22 ààbọ̀ tó kù. Ìgbóná oru ń tẹ̀ lé ìpín tirẹ̀ nìkan, ìpín 22 ààbọ̀ kò sì lè gbé e kọjá 112°C. Ìyẹn fi 9°C dín sí ohun tí à ń wá, ẹrù náà yóò sì nílò wákàtí méjì kí ó tó gba iṣẹ́ ìṣẹ́jú 15. Bí a kò bá lé afẹ́fẹ́ kankan jáde rárá, géèjì yóò ṣì fi 15 hàn, ìgbóná kò sì ní ju bí 100°C lọ: púrẹ́ṣọ̀ pé, iṣẹ́ kò ṣe. Nọ́ọ̀sì ka ìṣẹ́jú rẹ̀ láìṣìṣe, téèpù ara ẹrù lè ti yí àwọ̀ padà, nítorí pé ohun tí téèpù ń sọ kò ju pé ẹrù ti kọjá nínú ìgbóná. Kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àárín ìdì. Gbogbo ojú rí i pé ó dára, sípọ́ọ̀ sì wà láàyè.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní Jọ́ọ̀sì ní ìdí mìíràn láti má gbẹ́kẹ̀ lé géèjì nìkan. Ìlú wọn ga ju 1,200 mítà lọ, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, omi sì ń hó ní nǹkan bí 96°C. Bí géèjì wọn bá fi 15 hàn, oru wọn kò ju nǹkan bí 119°C lọ, àfi kí wọ́n gbé púrẹ́ṣọ̀ ga díẹ̀ sí i. Ìbàdàn tiwa níbí kò ga tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni: ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbóná, kí ó wo ìgbóná.

Báwo la ṣe ń wò ó? Ti àkọ́kọ́ ni tẹmómítà inú páìpù ìsàlẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde. Ibẹ̀ ni ó ń tutù jù, ibẹ̀ ni òótọ́ wà. Ìgbà tí ó bá dé 121°C ni a ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú, kì í ṣe ìgbà tí géèjì dé 15. Ìkejì ni ìwé sípọ́ọ̀, èyí tí a ń fi sí àárín ìdì tó wúwo jù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Lẹ́yìn ìsè, a ó kó o sí ibi tó móoru ní 55 sí 60°C, pẹ̀lú òmíràn tí kò wọ ẹ̀rọ rárá. Bí ti ìta bá hù tí ti inú ẹ̀rọ kò hù, ẹ̀rọ ṣiṣẹ́. Bí méjèèjì bá hù, a ó dá ẹrù náà padà, a ó sì wá ibi tí afẹ́fẹ́ sá pamọ́ sí. Bí ti ìta fúnra rẹ̀ kò bá hù, àyẹ̀wò náà kò sọ nǹkan kan fún wa. A ó tún un ṣe.

Ní ti ẹ̀rù tí púrẹ́ṣọ̀ ń bà yín, n kò ní sọ pé kò yẹ kí ó bà yín. Ilẹ̀kùn tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50, nígbà tí géèjì bá fi 15 hàn, oru ń tì í láti inú pẹ̀lú agbára tó tó ìwọ̀n tọ́ọ̀nù méjì. Ìdí nìyẹn tí fáàfù ààbò fi wà lórí rẹ̀, tí a kì í dí i, tí a kì í fi wáyà so ó. Ìdí nìyẹn náà tí a kì í fi ṣí ilẹ̀kùn kí géèjì tó dé òdo. Bí a bá ń yẹ fáàfù àti ìdè ilẹ̀kùn wò déédéé, tí a sì kọ àkọsílẹ̀ rẹ̀, ewu náà wà ní ìkáwọ́ wa. Ewu ti irin tí sípọ́ọ̀ wà lára rẹ̀ ti jáde kúrò ní ìkáwọ́ wa ní kété tí wọ́n bá ti rán ojú ọgbẹ́ pa.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Ẹ fọwọ́ sí rọ́bà ilẹ̀kùn, ẹ̀rọ ìdánu tuntun àti tẹmómítà fún páìpù ìsàlẹ̀ papọ̀, nítorí rọ́bà nìkan yóò dá púrẹ́ṣọ̀ padà láìjẹ́ pé ó dá ìgbóná padà. Ẹ fi owó ìwé sípọ́ọ̀ sínú ìnáwó oṣooṣù. Títí a ó fi parí rẹ̀, kí a máa gbé irin iṣẹ́ abẹ lọ sí ilé ìwòsàn tí ọ́tókíléèfù rẹ̀ pé, lẹ́yìn tí a bá ti fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára wọn tinú-tòde. Omi híhó, a lè lò ó fún abọ́ àti ohun èlò tí kì í wọ inú ẹran ara. Iṣẹ́ abẹ tó bá ṣeé sún síwájú, ẹ jẹ́ kí àwọn dókítà sún un.

Ẹ̀yin ọmọ mi, àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé ìnáwó ọ́tókíléèfù wá síwájú yín lẹ́yìn èyí, ẹ má ṣe béèrè pé púrẹ́ṣọ̀ ńkọ́. Ẹ béèrè pé ìgbóná páìpù ìsàlẹ̀ jẹ́ mélòó, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ hàn yín.

Èmi ni tiyín,
Onímọ̀ Ẹ̀rọ Àgbà, Ẹ̀ka Iṣẹ́ Ẹ̀rọ